Fọ́tò Ìgò Kò Tó Láti Fi Wọn Oògùn fún Ọmọ

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara Àkànní ọmọ rẹ ti balẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn sí mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ara ọmọ gbóná, o ya fọ́tò ìgò oògùn, o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, o ní, "Màmá Ìbàdàn, ṣíbí mélòó ni kí n fún un?" Mo ní kí o gbé ọmọ àti ìgò lọ sọ́dọ̀ famasísì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. O wá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ tún ń rán mi sí ẹlòmíràn?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó yẹ kí n dá ọ lóhùn dáadáa, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú fọ́tò yẹn fún ọ. Mo rí orúkọ parasẹtamọ́ọ̀lù gàdàgbà àti àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Àtàǹpàkò rẹ bo ìsàlẹ̀ ìgò, iná gílóòbù sì ń kọ mànà lórí ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sí. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé "ṣíbí kékeré kan." Mo mọ̀ pé nǹkan bíi kílò 8 ni Àkànní. Mílígíráàmù 15 ni a máa ń ṣírò fún kílò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì jẹ́ 120. Síróòpù ọmọdé tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mílígíráàmù 120 ló máa ń wà nínú mílílítà 5 rẹ̀, èyí tó jẹ́ ṣíbí ìwọn-oògùn kékeré kan. Ìṣirò mi pé pérépéré. Ìgò gan-an ni n kò mọ̀.

Nígbà tí o dé ọ̀dọ̀ famasísì, o gbọ́ ohun tó sọ létí ara rẹ. Ìgò ọwọ́ rẹ kì í ṣe síróòpù, dírọ́ọ̀pù ni, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, tó sì ki gan-an. Mílílítà 1 péré nínú rẹ̀ gbé mílígíráàmù 100. Nítorí náà, mílílítà 1 àti díẹ̀, ìyẹn 1.2, ni ìwọ̀n Àkànní. Bí mo bá ti ní kí o fún un ní mílílítà 5, mílígíráàmù 500 ni ì bá gbé mì, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan irú rẹ̀ lè má ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n o kò ní fún un lẹ́ẹ̀kan mọ. Bí ibà bá ń padà, tí o fún un lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sán àti òru, mílígíráàmù 2,000 ti wọ inú ọmọ kílò 8. Ẹ̀dọ̀ ni ìyẹn ń bà jẹ́.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọmọ kò ní tètè fi hàn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó lè bì díẹ̀ tàbí kó kọ ọmú, ó sì lè máa ṣeré bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ojú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú. Oògùn kan wà ní ọsibítù tó ń gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ parasẹtamọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí wákàtí 8 tó kọjá lẹ́yìn àfúnjù ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí o bá fura pé o ti fún ọmọ ní àfúnjù, má dúró de àmì kankan. Gbé ìgò náà dání, kí o sì sáré lọ sí ọsibítù.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí ó bá jẹ́ síróòpù ló wà lọ́wọ́ rẹ, tí o sì wọn 1.2 bíi ti dírọ́ọ̀pù, kò ní tó ìdá mẹ́rin ohun tó yẹ ọmọ. Ibà kò ní lọ, wàá sì rò pé oògùn náà kò dára.

Má sì rò pé ti ìlú wa nìkan ni. Èyí tí àbúrò rẹ máa ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, oríṣi méjì ni: ọ̀kan ní 120 nínú mílílítà 5, èkejì tó wà fún ọmọ ọdún 6 sókè ní 250 nínú mílílítà 5 kan náà. Ní Amẹ́ríkà, 160 ló wà nínú mílílítà 5. Dírọ́ọ̀pù tó ki bíi tìrẹ wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní 2011 ni àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sí 160 yẹn, nítorí pé àwọn òbí ń ṣi wọ́n gbé fún ara wọn.

Àṣàkẹ́, mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, aládùúgbò wa kan ṣàpèjúwe ìgò kan fún mi, mo sì pe iye ṣíbí fún un láìwo ìgò. Iye tí mo pè tọ̀nà fún ìgò náà. Ohun tí n kò béèrè ni pé ó ti ń fún ọmọ ní oògùn ọ̀fìnkìn láti àná, parasẹtamọ́ọ̀lù sì wà nínú ìyẹn náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ yẹn lò ní ọsibítù kí Ọlọ́run tó bá wa dá a sí. Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, n kì í pe iye oògùn fún ẹni tí n kò rí, láti inú ìgò tí n kò dì mú.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí fọ́tò bá tilẹ̀ mọ́ bí ojú ọ̀run, oògùn nìkan ló yà. Kò ya kílò ọmọ, kò ya ohun tó ti lò láti àárọ̀, kò sì ya ṣíbí ilé rẹ. Famasísì yóò béèrè gbogbo rẹ̀ kó tó sọ iye kan. Nítorí náà, bí o bá tún ń lọ, gbé ìgò àti páálí rẹ̀ dání. Mú káàdì àjẹsára tí wọ́n kọ kílò ọmọ sí, àti gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò, àgbo pẹ̀lú. Sọ aago tí o fún un ní oògùn kẹ́yìn. Rí i dájú pé famasísì ni ò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tajà ní kẹ́míìsì ló kọ́ iṣẹ́ náà. Bi í léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni famasísì?" Kò ní bínú. Lẹ́yìn náà, fa oògùn sínú sírínjì lójú rẹ̀, kó lè rí i pé ibi tó yẹ lo fà á dé. Ṣíbí ọbẹ̀ àti ṣíbí tíì kò dọ́gba, má fi wọ́n wọn oògùn.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní gìrì, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná, ọsibítù ni kí o gbà lọ tààrà.

O ní famasísì fi bírò pupa sàmì sí ara sírínjì Àkànní. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn àti kílò 8 yẹn ni àmì náà wà fún. Ọjọ́ tí o bá ra ìgò mìíràn, tàbí tí Àkànní bá tẹ̀wọ̀n sí i, nu àmì náà nù, kí o sì padà lọ béèrè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Màmá Ìbàdàn.