Kí Ló Dé Tí Òrùka Funfun Kì Í Dúró Láàárín?

Ẹ̀yin ará kíláàsì, ẹ wo túùbù gígùn inú lábù wa: òwú amóníà ní ẹnu kan, òwú ásíìdì haidirokílóríìkì ní ẹnu kejì. Níbi tí gáàsì méjèèjì bá ti pàdé, òrùka funfun á yọ, ọ̀dọ̀ ásíìdì ló sì máa ń sún mọ́.

Ooru kan náà ló wà nínú túùbù, nítorí náà agbára tí mólíkù méjèèjì fi ń rìn dọ́gba. Ṣùgbọ́n NH₃ wọn 17, HCl wọn 36.5, dandan ni kí èyí tó fúyẹ́ yára jù. Thomas Graham ní kí á fi 17 pín 36.5, kí á wá gbòǹgbò rẹ̀: 1.47. Nínú túùbù 100 sẹ̀ǹtímítà, òrùka á jìnnà sí amóníà tó nǹkan bíi 59.

Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ó sábà máa ń dín. Ẹ jọ̀ọ́, iye tí ẹ rí ni kí ẹ kọ! Gáàsì tó ń gba ihò tín-ín-rín jáde ni Graham ṣòfin fún. Afẹ́fẹ́ ló kún inú túùbù tiwa. Mólíkù amóníà ń sáré nǹkan bíi 600 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ ó ń forí gbá mólíkù afẹ́fẹ́, ó ń ṣẹ́rí padà, bí ẹni tó fẹ́ sáré la àárín ọjà Agosasa kọjá. Ìyẹn la ṣe ń dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí òrùka tó yọ.