Láti «Níbo Ló Wà?» Dé «Ibi Tó Wà»: Ìbéèrè Nínú Afọ̀ Agbàsọ

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Níbo ni Táyọ̀ wà?
Mo béèrè ibi tí Táyọ̀ wà.

Ìbéèrè gan-an ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tó sọ ọ́ ń retí ìdáhùn. Èkejì kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Ó ń ròyìn ìbéèrè tí ẹnìkan ti béèrè, ìdí nìyẹn tí a kò fi fi àmì ìbéèrè sí ìparí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìbéèrè, ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń bọ́ síwájú olùwà. Tí a bá wá gba ìbéèrè náà sọ, olùwà á padà síwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá ni ọ̀rọ̀ tí yóò pààrọ̀ ipò. Ẹ má wá a. Táyọ̀ ló ṣáájú nínú gbólóhùn méjèèjì, wà ló tẹ̀ lé e. Olùwà Yorùbá kì í kúrò níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ nítorí ìbéèrè, torí náà kò sí ibì kankan tí yóò padà sí. Ohun tó yí padà wà níwájú olùwà: níbo di ibi, ni sì di tí.

Kí ni a wá ní lọ́wọ́ báyìí? Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ibi, pẹ̀lú awẹ́ gbólóhùn tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìhun kan náà ni pẹ̀lú «ilé tí Táyọ̀ kọ́» tàbí «aṣọ tí Bísí rà». Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohùn. Ẹ ti kọ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín tí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: rà, ṣùgbọ́n «ra ìwé». Ẹ wá fetí sí mọ̀. A ń sọ pé «mo mọ̀ pé ó dé», ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n «mo mọ Adé», ohùn àárín. «Mo mọ ibi tí ó wà» ńkọ́? Ohùn àárín ni, gẹ́gẹ́ bíi ti Adé. Èdè náà fúnra rẹ̀ ka «ibi tí ó wà» sí ọ̀rọ̀-orúkọ.

Bí a ṣe ń ṣe àwọn yòókù náà nìyẹn. «Kí ni Bísí rà?» máa ń di «ohun tí Bísí rà», «Ta ni Bísí rí?» máa ń di «ẹni tí Bísí rí», «Èló ni wọ́n ń ta ata yìí?» máa ń di «iye tí wọ́n ń ta ata yìí». Tí olùwà bá jẹ́ ó, ni ó máa ń di ló lẹ́nu, tí ó náà á di tó. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló wá ya ìbéèrè sọ́tọ̀ ní apá yẹn:

Kí ló rà? Mi ò mọ ohun tó rà.
Ta ló wá? Mi ò mọ ẹni tó wá.

Ẹ máa fetí sí l tó di t yìí nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kíákíá. Ó wúlò ju kí ẹ há gbogbo orúkọ awẹ́ gbólóhùn sórí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú jù ni ní tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ níbo àti nígbà wo. Níbo jẹ́ ní àti ibo. Tí a bá fẹ́ gba ìbéèrè náà sọ, a gbọ́dọ̀ yọ ní kúrò, nítorí pé ibi náà ni a béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi sílẹ̀ yóò kọ gbólóhùn tó dára, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀:

Mo béèrè ìgbà tí ó dé.
Mo béèrè nígbà tí ó dé.

Nínú èkíní, àsìkò tí ó dé ni mo fẹ́ mọ̀: àárọ̀ ni tàbí alẹ́? Nínú èkejì, mo dúró títí ó fi dé, mo wá béèrè ohun kan tí gbólóhùn náà kò sọ. Bákan náà, «mo béèrè níbi tí ó wà» túmọ̀ sí pé mo lọ bá a níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti béèrè. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ sípẹ́lì wò kò lè rí àṣìṣe yìí, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ náà sì lè má mọ̀ pé àṣìṣe ni. Yóò kàn lóye nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké dànù. Èyí tó bá wà lẹ́yìn olùwà gbọ́dọ̀ dúró. «Níbo ni Adé ti ra bàtà?» ní ti, «ibi tí Adé ti ra bàtà» náà ní in. «Báwo ni ó ṣe dé ibí?» di «bí ó ṣe dé ibí», ṣe kò lọ síbì kankan. «Èéṣe tí ó fi pẹ́?» di «ìdí tí ó fi pẹ́», pẹ̀lú fi rẹ̀. Àti èyí tí gbogbo wa máa ń sọ ní òwúrọ̀: «Mo gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí». Tí ẹ bá yọ sí ìparí yẹn, ẹni tó ń gbọ́ yín á máa dúró de ìyókù ọ̀rọ̀.

Àwọn kan nínú yín tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá nílé yóò ti máa sọ lọ́kàn pé báyìí kọ́ ni àwọn òbí àwọn ń sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ọ̀nà kejì wà: a lè fi pé ṣáájú, kí a wá gbé ìbéèrè náà wọlé tòun ti níbo àti ni rẹ̀. «Mo béèrè pé níbo ni Táyọ̀ wà.» «Ó bi mí pé kí ni mo rà.» Nínú ilé, ní tó túmọ̀ sí «sọ» ló máa ń ṣe iṣẹ́ yìí jù: «Màmá ní níbo lo wà.» Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ààlà rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń béèrè nìkan ló ń gba ọ̀nà yìí: béèrè, bi, àti ní yìí. Mọ̀, gbàgbé, rántí kì í gbà á. «Mo mọ̀ pé níbo ló wà» kò tọ̀nà, «mo gbàgbé pé kí ló rà» náà kò tọ̀nà. Ẹni tó mọ nǹkan kò béèrè nǹkan, torí náà kò sí ìbéèrè tí pé yóò gbé wọlé fún un. «Ibi tí ó wà» àti «ohun tí ó rà» nìkan ló kù. Ẹ lè gbọ́ «Mi ò mọ̀, níbo ló wà?», ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ìdánudúró láàárín, gbólóhùn méjì nìyẹn, ìkejì sì jẹ́ ìbéèrè gidi.

Ìgbà mìíràn wà tí pé ló máa ń yọ wá. Béèrè tún túmọ̀ sí pé kí ènìyàn ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan: «mo béèrè omi». Nítorí náà, «mo béèrè ìwé tí ó rà» lè jẹ́ pé mo fẹ́ kí ó kó ìwé náà fún mi. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ìwé náà ni mo fẹ́ mọ̀, ó sàn kí n sọ pé «mo bi í pé ìwé wo ni ó rà».

Ó ku ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìwọ àti Táyọ̀ jọ ń gbé ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ sì ni yín. Màmá rẹ̀ pè ọ́ láti Ìbàdàn:

Táyọ̀ dà? Ṣé ó ti jẹun? Kí ló dé tí kò fi gbé fóònù mi? Ìgbà wo ni ó máa wá kí mi?

Nígbà tí Táyọ̀ wọlé lálẹ́, o jíṣẹ́ fún un:

Màmá rẹ pè. Wọ́n béèrè ibi tí o wà. Wọ́n tún béèrè bóyá o ti jẹun. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí o kò fi gbé fóònù àwọn, àti ìgbà tí o máa wá kí àwọn.

Dà kò lè wọ inú awẹ́ gbólóhùn tó ní tí, ńkọ́ náà kò lè wọ̀ ọ́. Ohun tí dà túmọ̀ sí ni a sọ, èyí ni «ibi tí o wà». Ṣé di bóyá. Ó tó ń tọ́ka sí Táyọ̀ di o, nítorí òun náà ni ò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ti àti máa kò yí padà rárá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpè náà ti kọjá láti ọ̀sán. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í sún sẹ́yìn tẹ̀ lé béèrè.

Mi ló gba ìrònú. Tí o bá sọ pé «ìgbà tí o máa wá kí mi», ìwọ tí ẹ jọ ń gbé ilé ni Táyọ̀ máa wá kí, yóò sì rẹ́rìn-ín. Tí o bá sọ pé «kí wọn», ó lè rò pé àwọn ẹlòmíràn ni, bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń padà tọ́ka sí ẹni tó béèrè gan-an ni òun. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín Adé ló pè, wàá sọ pé «Adé béèrè ìgbà tí o máa wá kí òun». Ṣùgbọ́n àgbà ni màmá, wọ́n ni a fi bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, torí náà òun náà gbọ́dọ̀ di àwọn. Ẹni tó bá fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ tó wá fi òun parí ti gba ọ̀wọ̀ náà padà láàárín gbólóhùn kan.

Ẹ gbìyànjú èyí kí a tó pàdé. Bàbá Bísí béèrè lọ́wọ́ rẹ pé: «Bísí ńkọ́? Níbo ni ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ta ni ó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀? Èló ni mo máa fi ránṣẹ́ sí i?» Jíṣẹ́ náà fún Bísí, ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Lẹ́ẹ̀kan, lo béèrè pẹ̀lú ibi tí, ẹni tí àti iye tí. Lẹ́ẹ̀kejì, lo béèrè pé. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí o ti lo àwọn.