Orúkọ Ilé-Iṣẹ́ àti Àṣírí Iṣẹ́ Nínú Ìtàn Ara Ẹni

LẸ́TÀ: Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni mo ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́ máa ń bá àwọn elépo rọ̀bì wọn ìsàlẹ̀ òkun. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa fẹ́ tẹ ìwé, wọ́n ní kí n kọ ìtàn ara mi ní ṣókí. Mo kọ ọ́ pé: “Ní ọdún tó kọjá, ó wà lára àwọn tó wọn ìsàlẹ̀ òkun níwájú Àwóyè, fún kànga mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gbẹ́.” Mo sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ epo náà. Ìyàwó mi ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo lè sọ?
— Sọ̀fíyọ̀, Igbókọ̀dá

ÌDÁHÙN: Orúkọ méjì ló wà nínú irú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ti ilé-iṣẹ́ tó ń san owó oṣù. Òṣìṣẹ́ lè dárúkọ èyí, àyàfi bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ti ilé-iṣẹ́ epo tó gbé iṣẹ́ fún wọn. Àdéhùn tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ méjèèjì ló ń darí èyí, òṣìṣẹ́ kì í sì í sábà fojú kan àdéhùn náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀, níbi tó ti sábà máa ń fọwọ́ sí i pé òun yóò pa àṣírí ilé-iṣẹ́ àti ti àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ pàápàá kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìlérí yìí.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìbéèrè tó yẹ ni pé: ṣé ẹni tó ni ín ti kéde rẹ̀? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Chevron ní ibùdó epo tí wọ́n ń pè ní Parabe lójú òkun Ìlàjẹ. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gba ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ẹjọ́ rẹ̀ sì dé kóòtù ní San Francisco, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá Chevron láre ní ọdún 2008. Nítorí náà, wíwà ibùdó náà kì í ṣe àṣírí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ń wéwèé láti ṣe níbẹ̀ lónìí lè jẹ́ àṣírí síbẹ̀. Bákan náà, Òfin Àyẹ̀wò Ipa Iṣẹ́ Lórí Àyíká ti ọdún 1992 fi àyè sílẹ̀ fún ará ìlú láti rí àbọ̀ ìwádìí lórí àwọn iṣẹ́ ńlá kan. Ohun tó bá ti jáde nínú irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń sọ létí èbúté kì í ṣe ìkéde.

Ibi tí gbólóhùn sọ̀fíyọ̀ yìí ti léwu ni pé ó so ohun púpọ̀ pọ̀. Wọ́n sábà máa ń yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò kí wọ́n tó gbẹ́ kànga, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, àti bóyá gáàsì tó lè bú jáde wà nítòsí ojú ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ elépo, ibi iṣẹ́, ọdún àti iye kànga lẹ́ẹ̀kan náà ti mọ ètò tí wọn kò tíì kéde. Elépo mìíràn lè fi ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ní Àwóyè, àríyànjiyàn lórí owó gbà-má-bínú àwọn apẹja lè bẹ̀rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ náà tó bá àwọn olórí ìlú sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ibi sì lè mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ yóò gbà.

Gbólóhùn tó fi ìmọ̀ hàn láìtú àṣírí lè rí báyìí: “Sọ̀fíyọ̀ ni. Ó máa ń wọn ìjìnlẹ̀ omi, ó sì máa ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun fún àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní gúúsù Nàìjíríà.” Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń san owó oṣù lè tẹ̀ lé e. Iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n lò àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ láti sọ.

Bó bá ṣì fẹ́ dárúkọ iṣẹ́ náà, kó kọ gbólóhùn tó fẹ́ lò gan-an ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, kó sì sọ ibi tí wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, nítorí pé bí ọ̀gá bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Àṣẹ tí wọ́n bá fún un fún ìwé ẹgbẹ́ kò kan ìwé mìíràn.

Ọ̀ràn epo tó dà sómi yàtọ̀ sí àṣírí iṣẹ́. Àjọ NOSDRA, tí òfin ọdún 2006 dá sílẹ̀, ni ẹni tó bá rí i yóò fi tó létí. Ìtàn ara ẹni kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ sùn.