Owó Dà, Ọjà Dà? Bí A Ṣe Ń Kọ Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Ní Ìtumọ̀ Méjì

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí Àǹtí mi, tó ń ta bàtà lórí Wọ́sáàpù, máa ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà:

"Bàtà yín ń bọ̀ lọ́la. Ẹ mú ₦15,700 dání. Ẹ ó gba rìsíìtì. Bí owó kò bá wọlé, a ó gbé ọjà padà."

Yorùbá rẹ̀ dáa, àmọ́ ibi mẹ́ta ló ti lè dá ìjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà.

Àkọ́kọ́ ni ṣéńjì. Ta ni yóò mú un wá? Oníbàárà lè kó ₦1,000 mẹ́rìndínlógún jáde, kó máa retí ₦300, nígbà tí ọlọ́kadà ò ní kọ́bọ̀ lápò. Bẹ́ẹ̀ ₦1,000 ni owó bébà tó tóbi jù nílùú wa. Ẹni tó bá fi kìkì ₦1,000 san án, ₦300 náà ni yóò gbà padà. Kí Àǹtí fi ₦300 rán ọlọ́kadà, kó sì sọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni rìsíìtì. Ìgbà wo? Bí oníbàárà bá gbà á kó tó sanwó, ìwé ti ń sọ pé ó ti san. Ọlọ́kadà ni wọn yóò wá bi léèrè owó.

Ẹ̀kẹta ló le jù. "Bí owó kò bá wọlé": wọlé síbo? Báǹkì lè yọ owó lọ́dọ̀ oníbàárà kó má tíì dé ọ̀dọ̀ Àǹtí. Oníbàárà ń fi fóònù hàn pé òun ti san. Àǹtí ní òun ò rí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ò parọ́. Àfi ká ti sọ ṣáájú pé àkáǹtì ta la ó wò, a ó dúró fún ìgbà wo, àti kí ni a ó ṣe bí owó bá dé lẹ́yìn tí bàtà ti padà.

Bí èmi ṣe tún un kọ nìyí:

"Bàtà ₦14,000, owó ìgbéwá ₦1,700, àpapọ̀ ₦15,700. Ọlọ́kadà yóò mú ṣéńjì ₦300 dání. Ẹ yẹ bàtà wò, ẹ sanwó, lẹ́yìn náà ni yóò fún yín ní rìsíìtì. Bí ẹ bá san án láti báǹkì, yóò dúró ìṣẹ́jú 15 kí owó fi hàn nínú àkáǹtì wa. Bí kò bá hàn, bàtà yóò padà, ẹ ò sì ní san owó ìgbéwá. Bí owó náà bá wá dé, ẹ̀yin lẹ ó yàn: ká tún gbé bàtà wá láìgba kọ́bọ̀ sí i, tàbí ká dá gbogbo ₦15,700 padà lọ́jọ́ náà."

Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lóòótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ọjà náà kà, kẹ́ ẹ bi í pé: "Owó ò wọlé o, kí lo máa ṣe?" Bó bá ní láti bi yín ní ìbéèrè kó tó dáhùn, ibẹ̀ gan-an ló kù láti tún kọ.