Ẹ Yọ "Olè" Kúrò Nínú Lẹ́tà Yẹn

Ìyá wa ní Àjámé, mo ka ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń kó ọjà oníke fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè é ní olè, ẹ kò sì kọ iye owó kankan síbẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ kó dáhùn sí? Ẹni tí a bá pè lólè, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò máa gbà sílẹ̀, kò ní wo ìṣirò mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọ̀hún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì 60 ní 1,500 fáránkì jẹ́ 90,000. Kẹ́ẹ̀gì 40 ní 2,000 jẹ́ 80,000. Àga 30 ní 3,500 jẹ́ 105,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 275,000, ṣùgbọ́n 342,500 ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé owó ọjà náà. Ìyẹn lẹ ṣe ní wọ́n fẹ́ jí 67,500.

Ẹ fi owó orí ọjà tí wọ́n ń kọ ní TVA, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kún 275,000. Ó di 324,500. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 342,500: 2 àti 4 ti gbapò ara wọn! Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 18,000, 9 sì pín in láìṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí tí ọwọ́ akọ̀wé bá pa nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn dà. Kò tíì di ẹ̀rí, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú.

Obìnrin aláṣọ kan ní Tíréṣífíìlì pariwo olè bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Owó ọkọ̀ ni wọ́n fi kún owó ọjà rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọkùnrin tó ń kó ọjà fún un kò bá a jà. Ó kàn dá àwìn dúró ni, nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀.

Akọ̀wé wọn ló bí mi nínú jù. Owó orí ọjà gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ lórí ìwé. Ta ló ní kó gbé e pamọ́ sínú àpapọ̀? Bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá sì forúkọ sílẹ̀ láti máa gbà á, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bù ú lé yín lórí rárá.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ìwé náà àti ọjọ́ rẹ̀, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àpapọ̀ tiyín àti tiwọn. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé 67,500, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ owó orí nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ 18,000 wò. Ẹ san 275,000, ẹ gba rìsíìtì, kí ìyókù dúró títí ìwé tuntun yóò fi dé. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi bírò tún ti àtijọ́ ṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti fagi lé e.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá ṣọ́ọ̀bù náà gbé láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti padà sí Èjìgbò, owó ilé ìwé sì ti ń kanlẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ èmi, inú á bí mi. Ẹ ṣeun tí ẹ kò tíì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Tí ẹ bá ti tún un kọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kà á kó tó lọ.