Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE Ń TO ÌWÉ ẸJỌ́ NÍ ỌJỌ́ TẸ̀LÉ ỌJỌ́

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, síbẹ̀ kóòtù ti gba ọ̀pọ̀ nínú wa lálejò. Ẹni tó bá sì ti dé ibẹ̀ rí, ó ní àpò náílọ́ọ̀nù kan nílé, tí létà, risíìtì, ímeèlì tí ọmọ tẹ̀ jáde àti ìwé kóòtù wà nínú rẹ̀ ní wúruwùru. Bí lọ́yà bá béèrè pé, "Mà, báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?", a ó da àpò náà sórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tòní ni bí a ṣe lè sọ àpò yẹn di ìwé kan ṣoṣo tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ìwé tó jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa la fẹ́ fi kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Elélùbọ́. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ọjà kọ́ ní Èkó fún un ní ìwé ìsọ̀. Ìwé náà ní kó san owó tó kù láàárín ọjọ́ 90 "láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́". Ó san án. Wọ́n ní ó ti pẹ́, wọ́n sì ti gbé ìsọ̀ fún ẹlòmíràn. Ó pe wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tó gbé àpò rẹ̀ wá bá wa, ìwé 43 la kà nínú rẹ̀.

Ẹ MÁ TÒ Ó KÍ Ẹ TÓ KỌ NỌ́ŃBÀ SÍ I

Ohun tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni ká máa kó ìwé síbí, ká máa kó o sọ́hùn-ún. Ẹ dúró ná. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe bá a nínú àpò, láti 1 dé 43. Ẹ̀dà nìkan la ń kọ nǹkan sí. A kì í fi bírò kan ojúlówó, a kì í sì í tú ìwé tí wọ́n fi píìnì kan pọ̀, torí ìwé tó bá ìwé mìíràn rìn lè jẹ́ ẹ̀rí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé. Nọ́ńbà yìí ló máa jẹ́ ká rí ìwé padà nígbà tí lọ́yà bá ní, "Ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

LÉTÀ KAN LÈ NÍ ỌJỌ́ MẸ́TA

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè létà kọ́ ni ọjọ́ tó dé ọwọ́ wa. Ó tún lè sọ nínú rẹ̀ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ààyè tirẹ̀ nínú ìwé tí a ń tò.

Ìwé ìsọ̀ Ìyá Elélùbọ́ ni ìwé 7. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni 11 oṣù kejì 2022. Ṣùgbọ́n nínú ìwé 31, tí í ṣe ẹ̀dà ojú ewé kan láti inú ìwé tí ońṣẹ́ wọn máa ń gbé kiri fún ìfọwọ́sí, a rí orúkọ ìyá wa àti ìka tó tẹ̀ síbẹ̀: 3 oṣù kẹta 2022. Ogúnjọ́ wà láàárín méjèèjì. Ẹ fi í sọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. Risíìtì ilé-iṣẹ́ náà, ìwé 12, ní 2 oṣù kẹfà. Tẹ́là bánkì, ìwé 26, ní 27 oṣù karùn-ún. Owó wọ àpò wọn lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wá kọ risíìtì ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Ọjọ́ tí owó wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n kọ risíìtì, nǹkan méjì ni.

ÍMEÈLÌ, LÁTI ÌSÀLẸ̀ LA TI Ń KÀ Á

Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ wà ní Houston ní Amẹ́ríkà. Òun ló ń bá ilé-iṣẹ́ náà kọ ímeèlì. Bí ènìyàn bá ń dáhùn ímeèlì, èyí tó dé kẹ́yìn ló máa ń wà lókè, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ewé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lè jẹ́ ímeèlì mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

A ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé 19. Lókè ni ọmọ náà ti ń fi àwòrán tẹ́là ránṣẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò, ni ímeèlì tí ọ́fíìsì náà kọ ní 24 oṣù karùn-ún wà, tí wọ́n ní àwọn ń retí owó tó kù kí 1 oṣù kẹfà tó kọjá. A pariwo nígbà tí a rí i. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún aago pẹ̀lú. Ìwé 19, tí ọmọ tẹ̀ jáde ní Houston, ní òun fi tẹ́là ránṣẹ́ ní 27 oṣù karùn-ún, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15 alẹ́. Ìwé 38, tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde ní Èkó, ní 28 oṣù karùn-ún, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 15 òru. A kọ́kọ́ rò pé ímeèlì méjì ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni, torí wákàtí mẹ́fà ni Èkó fi ṣáájú Houston ní àsìkò yẹn nínú ọdún. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní aago Èkó, a sì fi nọ́ńbà ìwé méjèèjì sí i.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tún máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ pé òun fi owó ránṣẹ́ sí ìyá òun ní 05/04/2022. Tiwa ni ká pè é ní 5 oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn láti ọwọ́ rẹ̀ ní 05/19/2022, kò sì sí oṣù kọkàndínlógún. Nípa báyìí la fi mọ̀ pé 4 oṣù karùn-ún ni ti àkọ́kọ́.

ÌWÉ KÓÒTÙ: "Ó NÍ" KÌ Í ṢE "Ó ṢẸLẸ̀"

Ìwé tí olùpẹ̀jọ́ fi sọ ẹ̀sùn rẹ̀, àti èyí tí olùjẹ́jọ́ fi dáhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá mú ọjọ́ láti inú wọn, a ó kọ ọ́ pé "olùjẹ́jọ́ ní", pẹ̀lú nọ́ńbà ìpínrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó gbé ìwé méjèèjì síra wọn. Ohun tí ẹgbẹ́ kejì bá ti gbà, a kọ "wọ́n gbà" sí i, torí ohun tí wọ́n ti gbà kò nílò ẹ̀rí mọ́. Ohun tí wọ́n bá sẹ́, a kọ "ìjà wà níbẹ̀", a sì wá ìwé tó lè là á.

Ìpínrọ̀ 6 nínú ìdáhùn wọn ní ìwé 11 oṣù kejì fún ìyá ní ọjọ́ 90, ó sì pé ní 12 oṣù karùn-ún. Ìpínrọ̀ 8 ní àwọn gbé ìsọ̀ fún ẹlòmíràn ní 20 oṣù karùn-ún. Ìwé tiwa náà ní àbùkù: ìpínrọ̀ 9 ní ìyá sanwó "nínú oṣù kẹfà". Risíìtì nìkan ni lọ́yà wa rí nígbà tó ń kọ ọ́. A kò fi èyí pamọ́. Ohun tó lè pa wá lára gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà, kó má baà jẹ́ pé ẹnu lọ́yà ọ̀tá la ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

BÓ ṢE RÍ NÍGBÀ TÍ A TÒ Ó TÁN

Ọjọ́ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé tó sọ ọ́. Èyí ni àárín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní 2022:

11 oṣù kejì: Ọjọ́ orí ìwé ìsọ̀. (Ìwé 7, wọ́n gbà pé àwọn ló kọ ọ́.)
3 oṣù kẹta: Ìwé ìsọ̀ dé ọwọ́ ìyá. (Ìwé 31.)
20 oṣù karùn-ún: Olùjẹ́jọ́ ní àwọn gbé ìsọ̀ fún ẹlòmíràn. (Ìdáhùn, ìpínrọ̀ 8.)
24 oṣù karùn-ún: Ọ́fíìsì kọ ímeèlì pé àwọn ń retí owó kí 1 oṣù kẹfà tó kọjá. (Ìwé 19, ìsàlẹ̀.)
27 oṣù karùn-ún: Owó wọ bánkì. (Ìwé 26.)
28 oṣù karùn-ún, òru: Ọmọ fi àwòrán tẹ́là ránṣẹ́. (Ìwé 19 àti 38.)
2 oṣù kẹfà: Risíìtì. (Ìwé 12.)

Ẹ jẹ́ ká wá kà á bí a ṣe ń ka owó. Ìwé dé ní 3 oṣù kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 28 ló kù nínú oṣù kẹta. Ẹ fi 30 ti oṣù kẹrin kún un, ó di 58. Ẹ fi 31 ti oṣù karùn-ún kún un, ó di 89. Ọjọ́ kan sí i, ó di 90: 1 oṣù kẹfà. Ìyá sanwó nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ orí ìwé ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń kà, ìwé tí àwọn fúnra wọn kọ sì ní ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ ni. Ímeèlì wọn ti 24 fi hàn pé wọ́n mọ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Wọ́n ti gbé ìsọ̀ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kẹrin ṣáájú, wọ́n ṣì ń ní kí ìyá mú owó wá.

Kò sí ìwé tuntun kankan nínú gbogbo èyí. Inú àpò yẹn ni wọ́n wà látijọ́.

ÀWỌN ÌWÉ TÍ KÒ NÍ ỌJỌ́, ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ SÍ NÍBẸ̀

Ìwé 22 kò ní ọjọ́. Ó dárúkọ tẹ́là, kò sì mẹ́nu kan risíìtì tí ìyá ṣì ń béèrè fún. A kọ ọ́ pé "láàárín 27 oṣù karùn-ún sí 2 oṣù kẹfà, ó jọ bẹ́ẹ̀". A kò méfò ọjọ́ kan pàtó. Ìwé 15 ní "gẹ́gẹ́ bí létà yín ti 9 oṣù karùn-ún", létà yẹn kò sì sí nínú àpò. A ṣí ewé mìíràn fún àwọn ìwé tó sọnù, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ kí lọ́yà lè béèrè fún un.

Ẹ mọ ibi tí agbára iṣẹ́ yìí mọ. Ìwé tí a tò kì í ṣe ẹ̀rí. Ojúlówó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù máa wò. Ní ti ímeèlì, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè fún ìwé-ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má pa ímeèlì náà rẹ́ lórí fóònù. Ẹ má sì kọ "wọ́n rẹ́ wa jẹ" sínú ìwé náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni, ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ fún lọ́yà.

Ewé méjì ni iṣẹ́ wa fún Ìyá Elélùbọ́. Lọ́yà gba àyè lọ́wọ́ kóòtù, ó tún ìpínrọ̀ 9 kọ, ó sì fi ímeèlì 24 síwájú wọn. Ẹgbẹ́ kejì ní kí àwọn wá sọ̀rọ̀. Ìsọ̀ ti àkọ́kọ́ kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún ìyá ní òmíràn ní ìlà kejì, ní iye kan náà. Ibẹ̀ ló ti ń ta èlùbọ́ báyìí.