Ṣé fíríìsà ló ń jẹ káàdì yín, àbí gílóòbù?

Yìnyín ni mò ń tà nílé ní Ìbàdàn. Báǹdì A la wà, 209 náírà 50 kọ́bọ̀ ni yúnìtì kan. Káàdì 30,000 náírà kì í tó wa lò fún oṣù kan. Ọkọ mi ní fíríìsà ló ń jẹ ẹ́, kí n tà á. 150W ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Gílóòbù oníná pupa mẹ́rin péré la tún ní: méjì nínú ilé, 60W, wákàtí 5 lóòjọ́, méjì níta, 100W, wákàtí 12 títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Fáànù wa ti jóná.
— Ìyá Oníyìnyín

Ẹ má tíì ta fíríìsà yín, Ìyá. Yúnìtì kan ni 1,000 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ẹ fi iye wákàtí sọ wáàtì di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in.

Ibi tí baálé yín ti ṣìrò ni pé ẹ́ńjìnnì fíríìsà kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó, á dákẹ́. Bí ooru bá tún wọ ibẹ̀, á gbéra. Ká ní ẹ ń rí iná fún wákàtí 20, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì rẹ̀: 150 × 10 jẹ́ 1,500, ìyẹn yúnìtì kan ààbọ̀ lóòjọ́. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, ó di 45, owó rẹ̀ jẹ́ 9,427 náírà 50 kọ́bọ̀.

Ẹ wá wo gílóòbù. Ti inú ilé jẹ 600, ti ìta jẹ 2,400: yúnìtì 3 lóòjọ́, 90 lóṣù, 18,855 náírà. Ìlọ́po méjì fíríìsà! Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, tí ẹ fi owó orí ọjà 7.5% lé e, ó lé díẹ̀ ní 30,400 náírà. Ẹ ti rí ibi tí káàdì yín ń gbà lọ. Bí ẹ bá fi gílóòbù ẹ́líídì 9W sínú ilé àti 12W síta, owó gílóòbù á wálẹ̀ sí nǹkan bí 2,400 náírà lóṣù kí owó orí ọjà tó wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ìdajì tí mo sọ yẹn, àfojúbù ni. Oníyìnyín tó ń kó omi gbígbóná sínú fíríìsà lójoojúmọ́ lè mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dán an wò: ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù fún ọjọ́ kan, ẹ ka mítà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Bí ó bá sún mọ́ yúnìtì 3, ẹ́ńjìnnì kò sinmi rárá nìyẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó bébà há ẹnu ìlẹ̀kùn, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ kò dì mú mọ́, òun ni kí ẹ pààrọ̀. Bí rọ́bà bá dì í mú dáadáa, ẹ yọ yìnyín tó ti gan mọ́ ara fíríìsà, kí ẹ sì sún un kúrò lára ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè mí.